Owó Alágbàṣe Tó Pẹ́: Bí A Ṣe Ń Tún Àtẹ̀jíṣẹ́ Rẹ̀ Kọ

Ká ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan n'Ìbàdàn jẹ obìnrin alágbàṣe tó ya èèpo ìwé fún wọn ní ₦85,000. Ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ni àdéhùn, ọjọ́ náà sì ti kọjá. Ni ọ̀gá bá tẹ èyí sórí fóònù:

“Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ owó yẹn, nǹkan ni ò rọgbọ. A ó san án láìpẹ́. Ẹ ṣé tí ẹ ń ní sùúrù.”

Ọ̀rọ̀ náà tutù létí, àmọ́ kò sí ohun tí obìnrin yìí lè fi ṣe. Onílé ń béèrè owó lọ́wọ́ òun náà, kò sì lè sọ fún un pé “láìpẹ́.” “Owó yẹn” kò sọ iye, kò sọ iṣẹ́ wo ni. Ọpẹ́ sùúrù ló wá burú jù lójú tèmi: ta ló bi í bóyá ó fẹ́ ní sùúrù?

Kí a tó tún un kọ, ọjọ́ ni ká kọ́kọ́ wá. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ bi akáùntáǹtì ìgbà tí owó yóò wọlé, àti bóyá ẹni tó ń fọwọ́ sí i yóò wà nílé. Bí oníbàárà bá ṣèlérí owó fún ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá, kí a má dá ọjọ́ Ajé fún alágbàṣe. Oníbàárà náà lè pẹ́. Ọjọ́bọ̀ dára. Mo máa ń sá fún ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, torí bí nǹkan bá há, ó lè di ọjọ́ Ajé kí ẹni tí yóò fọwọ́ sí i tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ wo àtúnkọ rẹ̀:

“Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọjọ́ 30 oṣù tó kọjá ló yẹ ká san ₦85,000 iṣẹ́ èèpo ìwé yín, a ò sì san án. Ẹ̀bi wa ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì wá. A ó san gbogbo rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá, kó tó di agogo méjìlá ọ̀sán. Màá fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí yín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.”

Ẹ̀bẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó sì tó. Bí a bá ń bẹ̀bẹ̀ títí, alágbàṣe ni yóò tún máa tù wá nínú. Kí a má sì kó iṣẹ́ tuntun mọ́ ọn. Ìyẹn yóò dà bí ẹni pé a fi owó àtijọ́ dè é mọ́lẹ̀.

Bí ₦40,000 bá wà nílẹ̀, ká san án lónìí, ká sì kọ ọ́ pé ₦45,000 ló kù fún Ọjọ́bọ̀. Bó bá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí oníbàárà ò tíì sanwó, ọjọ́ yẹn gan-an ni ká pe alágbàṣe, ká má dúró dìgbà tó bá bèèrè.