Ibo Lowó Ti Ń Jò Lẹ́ka Ìyánilówó?

Ká ní báńkì kékeré kan wà n'Íbàdàn tó ń yá àwọn ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́ lówó. Mílíọ̀nù 200 náírà ló wà lọ́wọ́ oníbàárà. Mílíọ̀nù 24 nínú rẹ̀ ti fi ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọjọ́ kọjá ìgbà tó yẹ kí wọ́n san án. Ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìdá 5 ni báńkì náà fẹ́ kó má kọjá. Máníjà ní ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tuntun, irú èyí tó ń fún oníbàárà ní máàkì, ló máa tún un ṣe.

Kí wọ́n tó náwó, ó yẹ kí wọ́n gbé ohun tí ẹ̀ka náà ń ṣe báyìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó yẹ kó lè ṣe, kí wọ́n wo àlàfo tó wà láàárín méjèèjì. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni pé àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń bi léèrè, ìwé ìlànà nìyẹn náà á sì máa kà jáde. Ìwé ìlànà kì í ṣẹ̀. Ó ti wà nínú rẹ̀ pé kí wọ́n yẹ gbèsè tí oníbàárà jẹ níbòmíì wò lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè, kí wọ́n tó fọwọ́ sí owó. Ọ̀gá ẹ̀ka fún ara rẹ̀ ní 4 nínú 5 lórí ìyẹn.

Fáìlì ni kí wọ́n lọ bi. Wọ́n fa 40 yọ: ogún tó ń san dáadáa, ogún tó ti pẹ́. Mẹ́tàlélógún ló ní ìwé àkọsílẹ̀ gbèsè nínú. Ó dà bíi pé kò burú, àfi ìgbà tí ẹnìkan fojú wo déètì. Nínú mẹ́sàn-án lára wọn, ọjọ́ tí wọ́n tẹ ìwé náà jáde wà lẹ́yìn ọjọ́ tí oníbàárà ti gbowó. Ẹnìkan ló kì í bọ inú fáìlì nígbà tí ọ̀dítọ̀ ń bọ̀. Mẹ́rìnlá péré ni wọ́n yẹ̀ wò lásìkò. Máàkì tòótọ́ jẹ́ 2.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ìdí tí mílíọ̀nù 24 náà fi há, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mílíọ̀nù 11 wà lọ́rùn àwọn tó ti jẹ gbèsè níbòmíì kí wọ́n tó wá. Mílíọ̀nù 7 jẹ́ ti àwọn tí kò sẹ́ni tó pè wọ́n títí ọjọ́ kẹtàlélọ́gbọ̀n, nígbà tí wọ́n ti fi èrè ra ọjà míì. Mílíọ̀nù 4 jẹ́ ti àwọn tó sọ àsọdùn nípa ọjà wọn: ìyá oníràìsì kan ní àpò 20 lòun ń tà lọ́sẹ̀, ìwé tí alágbàtà fi ń kó ọjà fún un sọ pé 9. Àìsàn àti ìṣẹ̀lẹ̀ òjijì ló kó mílíọ̀nù 2 tó kù, kò sì sí ìlànà tó lè dí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ńkọ́? Tí a bá ń wo ìwọ̀n àlàfo nìkan, òun ni àkọ́kọ́: ẹ̀ka náà wà ní 1, 4 ni wọ́n fẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ máa fi ṣírò ni iye àpò tí òṣìṣẹ́ kọ sílẹ̀. Tó bá kọ 20 dípò 9, ẹ̀rọ á kàn tètè ṣì í ni. Nítorí náà, kì í ṣe bí àlàfo ṣe fẹ̀ tó ló ń to iṣẹ́, bí kò ṣe owó tó ń gbabẹ̀ lọ, ohun tí yóò ná wọn láti dí i, àti iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ ṣáájú òmíràn.

Ohun tó wá kọ́kọ́ ni pé kí akọ̀wé owó má san kọ́bọ̀ bí déètì ìwé àkọsílẹ̀ gbèsè kò bá ṣáájú ti ìbuwọ́lùwé. Kò ná wọn ju owó ìwé náà lọ, ọ̀sẹ̀ kejì ló lè bẹ̀rẹ̀. Èkejì ni kí wọ́n pe oníbàárà ní ọjọ́ kìíní tó pẹ́, kí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Èyí le díẹ̀, torí òṣìṣẹ́ tó ń wá oníbàárà tuntun kiri náà ló ń gba gbèsè, iye owó tó bá sì yá èèyàn ni wọ́n fi ń san àjẹmọ́nú rẹ̀. Àfi kí wọ́n so àjẹmọ́nú náà mọ́ owó tó padà wọlé. Ẹ̀kẹta ni kíkọ́ òṣìṣẹ́ láti ka ọjà fúnra rẹ̀ àti láti béèrè ìwé alágbàtà. Ẹ̀rọ wá kẹ́yìn, lọ́dún tó ń bọ̀.

Bí iṣẹ́ méjì àkọ́kọ́ bá dín irú gbèsè yẹn kù sí ìdajì, mílíọ̀nù 15 á ṣì há, ìyẹn ìdá 7.5. Kò tíì dé 5. Ẹni tó bá ṣèlérí 5 láàárín oṣù mẹ́fà ń tan ìgbìmọ̀ ni, pàápàá torí pé owó tuntun ni ìlànà tuntun ń dáàbò bò. Èyí tó ti há ti há.

Ọgbọ́n kan sì wà tó yẹ ká ṣọ́. Bí wọ́n bá sáré yá èèyàn ní mílíọ̀nù 100 sí i, mílíọ̀nù 24 nínú 300 á di ìdá 8 lójú ẹsẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni san gbèsè, nítorí owó tuntun kò tíì ráyè pẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí wọ́n ya àwọn tó gbowó lóṣù kan náà sọ́tọ̀, kí wọ́n fi àwọn oṣù wéra: nínú àwọn tó gbowó ní March, mélòó ló ti pẹ́ nígbà tó pé oṣù mẹ́ta? Àwọn ti June ńkọ́, lẹ́yìn tí akọ̀wé owó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo déètì?