Ẹmu, Ẹsẹ̀ Asáré àti Iye ATP: Fífọ́ Ṣúgà Láìlo Ọ́síjìn

Ohun tí ó gún wa ní kẹ́ṣẹ́ láti kọ àpilẹ̀kọ yìí ni ìbéèrè kan tí a bá pàdé nínú ìdánwò àkàyé. Orí ẹmu ni àyọkà náà dá lé. Wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ohun tí ó mú kí ẹmu àná kan. Ìdáhùn tí ìlànà máàkì fọwọ́ sí ni pé àìsí ọ́síjìn ni ó fà á. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ọ́ pé afẹ́fẹ́ ni ó ráyè wọ inú akèrègbè. Wọ́n fún un ní òdo. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun gan-an ni ó sún mọ́ òótọ́ jù. Nígbà tí ẹmu bá kan débi pé ó ń ta ni ní imú bí ọtí kíkan, àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ni wọ́n ń lo ọ́síjìn láti sọ ọtí inú rẹ̀ di ásíìdì. Ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìyẹn, nígbà tí ẹmu ń hó tí ṣúgà rẹ̀ ń di ọtí, ni kò nílò ọ́síjìn.

Ọ̀rọ̀-ìṣe wa, ‘kan’, ni ó dá wàhálà yìí sílẹ̀. A ní ògì kan, a ní ẹmu kan, a ní ọbẹ̀ kan. Ahọ́n gbà pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú wọn kì í ṣe ọ̀kan. Nítorí náà, a kò ní lo ‘kíkan’ fún ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín. ‘Fífọ́ ṣúgà láìlo ọ́síjìn’ ni a ó máa pè é. Ó gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ṣi ènìyàn lọ́nà. Ibi méjì ni a ó ti wò ó: nínú ìwúkàrà tí ń ṣiṣẹ́ nínú ẹmu àti ìyẹ̀fun búrẹ́dì, àti nínú iṣan itan ẹni tí ń sáré irinwó mítà.

Ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì kọ́kọ́ ń tọ̀. Ẹyọ gúlúkóòsì kan ní kábọ̀n mẹ́fà. Sẹ́ẹ̀lì yóò kọ́kọ́ ná ATP méjì lé e lórí, gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò ṣe ń fi owó sílẹ̀ kí ó tó rí èrè. Lẹ́yìn èyí ni gúlúkóòsì yóò là sí méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ní kábọ̀n mẹ́ta. Bí ìlàjì méjèèjì yìí ṣe ń di ohun tí à ń pè ní pirúféètì, ATP mẹ́rin yóò jáde. Bí a bá yọ méjì tí a ti ná tẹ́lẹ̀, èrè ku méjì. Gbogbo ATP tí ìwúkàrà tàbí iṣan yóò rí lára gúlúkóòsì yìí láìlo ọ́síjìn kò ju méjì yẹn lọ. Kí olùkọ́ tẹ ibi yìí mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ létí dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọ́ pé ìgbà tí pirúféètì bá di ọtí tàbí ásíìdì ni ATP ń jáde. Kò sí ATP kankan níbẹ̀.

Bí kò bá sí èrè níbẹ̀, kí ni sẹ́ẹ̀lì ń wá tí ó fi ń ṣe ọtí tàbí ásíìdì? Ìbéèrè yìí ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Bí ìlàjì gúlúkóòsì ṣe ń di pirúféètì, a máa ń yọ háídírójìn kúrò lára rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀. Ẹnìkan ní láti gbà á. Ẹni náà ni NAD+. Ẹ jẹ́ kí a fi í wé alábàárù nínú ọjà. Nígbà tí kò bá ru ẹrù, NAD+ ni orúkọ rẹ̀. Bí ó bá ti ru ẹrù, ó di NADH. Àwọn alábàárù yìí kò pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì. Bí gbogbo wọn bá ru ẹrù tán tí kò sí ẹni tí yóò sọ̀ wọ́n, kò ní sí ẹni tí yóò gba háídírójìn mọ́, fífọ́ gúlúkóòsì yóò dúró, ATP méjì tí à ń wí yìí pàápàá kò sì ní wá.

Níbi tí ọ́síjìn bá wà, inú mitokọ́ńdíríà ni a ti ń sọ ẹrù náà, ọ́síjìn ni ó sì ń gbà á níkẹyìn, tí ó ń di omi. Níbi tí kò bá sí, sẹ́ẹ̀lì yóò wá ibòmíràn tí yóò da ẹrù sí, ohun tí ó sì sún mọ́ ọn jù ni pirúféètì tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe. Ibí yìí ni ìwúkàrà àti iṣan ti pínyà. Iṣan kì í dọ́gbọ́n púpọ̀: tààrà ni ó ń da háídírójìn lé pirúféètì lórí, tí pirúféètì ń di làkítéètì. Kábọ̀n mẹ́ta ṣì pé síbẹ̀. Ìwúkàrà ní tirẹ̀ ní ẹ́ńsáìmù kan tí ara ènìyàn kò ní, èyí tí ó ń kọ́kọ́ gé kábọ̀n kan kúrò lára pirúféètì, tí kábọ̀n náà ń fò jáde gẹ́gẹ́ bí CO2. Kábọ̀n méjì tí ó ṣẹ́ kù ni ó gba háídírójìn, tí ó di ẹ̀tánọ́ọ̀lù, ìyẹn ọtí. CO2 yẹn ni ó ń mú ẹmu hó tí ó sì ń mú ìyẹ̀fun búrẹ́dì wú. Nítorí pé a kò ní ẹ́ńsáìmù náà ni asáré kò fi ń mutí yó láti inú itan ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi kún un pé àwọn kòkòrò tí ń mú ògì kan ń ṣe làkítéètì bí iṣan, tí ó fi jẹ́ pé ní ti èyí, ìkòkò ògì sún mọ́ itan asáré ju akèrègbè ẹmu lọ.

Ó wá ku ìdí tí ATP fi kéré tó bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn tí a sábà máa ń rí ni pé agbára ṣòfò, pé ó bá ooru lọ. Ìdáhùn yìí kò tọ̀nà. Ẹ wo ìṣirò yìí. Gúlúkóòsì ni C6H12O6. Bí iṣan bá fọ́ ọ, ohun tí ó bọ́ sí i lọ́wọ́ ni C3H6O3 méjì. Ẹ kà wọ́n: kábọ̀n mẹ́fà, háídírójìn méjìlá, ọ́síjìn mẹ́fà. Kò sí ohun tí ó lé, kò sí ohun tí ó dín. Háídírójìn tí a yọ lára rẹ̀ náà ni a tún dá padà sí i lára. Ti ìwúkàrà kò yàtọ̀: gíráàmù 180 ti gúlúkóòsì yóò di gíráàmù 92 ti ẹ̀tánọ́ọ̀lù àti gíráàmù 88 ti CO2, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 180 bákan náà. Nínú iṣẹ́ méjèèjì, a kò gbé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kankan lé ohun tí ó ti ìta wá lọ́wọ́.

Níbo wá ni agbára náà wà? Inú ọtí náà ni ó wà. Ẹni tí ó bá ti rí ògógóró tí iná ràn mọ́ rí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí a bá sun gíráàmù 180 ti gúlúkóòsì di eérú pátápátá, ooru tí yóò jáde tó nǹkan bí kílójúùlù 2,800. Bí ó bá jẹ́ pé gíráàmù 92 ti ẹ̀tánọ́ọ̀lù tí ó ti ara rẹ̀ jáde ni a sun, yóò tó nǹkan bí 2,730. Ìwúkàrà kò tíì fọwọ́ kan ohun púpọ̀ nínú rẹ̀. Nínú ìwọ̀nba tí ó tú sílẹ̀ láti ara ṣúgà, ó tilẹ̀ gbìyànjú láti fi apá kan tí ó jọjú pamọ́ sínú ATP. Kì í ṣe apà. Kò ní ẹni tí yóò gbé ìyókù fún ni. Bí ọ́síjìn bá wà nínú iṣan, ó lè fa àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wọ̀nyí títí kábọ̀n mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yóò fi di CO2, nǹkan bí ATP 30 sí 32 ni yóò sì jáde lára gúlúkóòsì kan.

Nítorí náà, kí sẹ́ẹ̀lì tó lè rí ATP 32 láìlo ọ́síjìn, gúlúkóòsì 16 ni yóò fọ́. Louis Pasteur ti kíyè sí irú èyí ní ọdún 1861: ìwúkàrà tí kò rí afẹ́fẹ́ ń jẹ ṣúgà púpọ̀púpọ̀, bẹ́ẹ̀ kò sì dàgbà tó èyí tí ó rí afẹ́fẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a yà díẹ̀. Ọ̀pọ̀ rò pé bí ọ́síjìn bá ti wà, kò ní sí ọtí tàbí làkítéètì mọ́. Akèrègbè ẹmu kì í sábà dé pa, síbẹ̀ ọtí ń wà níbẹ̀. Níbi tí ṣúgà bá ti pọ̀ bí ó ti rí nínú ẹmu tuntun, ìwúkàrà yìí a máa ṣe ọtí bí afẹ́fẹ́ tilẹ̀ wà. Iṣan náà ń ṣe ohun tí ó jọ ọ́. Kì í ṣe pé ọ́síjìn tán pátápátá nínú itan asáré. ATP tí ó ń fẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan náà ti yá ju ohun tí mitokọ́ńdíríà lè pèsè, ọ̀nà kúkúrú yìí sì yára gan-an. Èrè rẹ̀ kéré lórí ẹyọ kan, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ dé. Ìdí nìyẹn tí làkítéètì inú ẹ̀jẹ̀ asáré irinwó mítà fi lè di ìlọ́po mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó mí délẹ̀.

Làkítéètì yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Ọkàn a máa lò ó bí oúnjẹ, ẹ̀dọ̀ a sì máa sọ ọ́ di gúlúkóòsì padà. Carl Cori àti Gerty Cori, ìyàwó rẹ̀, wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1947, orúkọ wọn ni a sì fi ń pe ìyípoyípo yìí títí di òní. Ìwúkàrà náà lè lo ọtí rẹ̀ bí oúnjẹ bí ọ́síjìn bá wà, ṣùgbọ́n kábọ̀n tí ó bá CO2 lọ ti lọ. Kò yẹ kí a máa fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì mọ́ bí ó bá kọ ọ́ pé làkítéètì ni ó ń mú itan ro ni ní ọjọ́ kejì eré sísá. Láàárín wákàtí kan tàbí méjì ni làkítéètì ti ń padà sí ìwọ̀n tí ó wà tẹ́lẹ̀. Fífàya wẹ́wẹ́ tí fọ́nrán iṣan fàya ni ìrora ọjọ́ kejì ti wá.

Ní ti iye ATP, ẹ óò rí 38 tàbí 36 nínú àwọn ìwé àtijọ́. Wọ́n ka ATP mẹ́ta sí orí NADH kọ̀ọ̀kan nígbà náà. Ìṣirò òde òní fi í sí méjì àbọ̀, nítorí pé odidi kọ́ ni iye tí mitokọ́ńdíríà ń san. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ 38 ka ìwé tí a fún un ni, ẹni tí ó sì kọ 30 tàbí 32 jàre jù ú lọ. Ohun tí a gbà wọ́n níyànjú láti béèrè nínú ìdánwò ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ẹni tí ó gba háídírójìn lọ́wọ́ NADH nínú ìwúkàrà, nínú iṣan, àti níbi tí ọ́síjìn bá wà. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní ṣe àṣìṣe lórí iye ATP.