Oníbàárà Tó San Owó Lé

Ẹ̀yin ará wa ọlọ́jà, ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ká ní oníbàárà kan ra àdìrẹ 180,000 náírà lọ́wọ́ yín, ó sì mú ṣẹ́ẹ̀kì 480,000 wá. Ó ní akọ̀wé òun ló ṣì í kọ, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ fi 300,000 tó lé ránṣẹ́ sí dẹ́rẹ́bà tó ń bọ̀ wá kẹ́rù. Ẹ gbé ṣẹ́ẹ̀kì lọ sí báńkì, ẹ sì rí i pé iye owó yín ti lọ sókè.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Báńkì yín lè kọ owó náà sínú ìwé kí báńkì tó ni ṣẹ́ẹ̀kì tó fọwọ́ sí i. Owó inú ìwé yàtọ̀ sí owó tó ṣeé gbà. Bí ṣẹ́ẹ̀kì bá padà, wọ́n á yọ 480,000 náà kúrò. Ṣùgbọ́n 300,000 tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, owó yín gidi ni, ó ti lọ, tòun tẹrù. Ìdí nìyẹn tí oníbàárà yẹn fi ń kánjú.

Tiransifá ńkọ́? Àláàtì orí fóònù kì í ṣe owó, torí ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́ ránṣẹ́. Ẹ yẹ àkáǹtì yín wò fúnra yín. Bí owó bá wọlé lóòótọ́, ó lè jẹ́ owó tí wọ́n jí, nítorí náà ẹ má fi èyí tó lé sínú àkáǹtì ẹlòmíràn. Ẹ kọ̀wé sí báńkì yín kó dá a padà síbi tó ti wá. Ní ti ṣẹ́ẹ̀kì, ẹ dá a padà, kó kọ iye tó tọ́ wá. Ẹrù kò gbọdọ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù títí báńkì yóò fi sọ pé owó ti délé.