Físà Ìlú Ọba: Ṣé Lọ́yà Lẹ Nílò, àbí Kẹ́ Ẹ Kọ Ọ́ Fúnra Yín?

Ẹ jẹ́ ká mú màmá kan ní Ìbàdàn tó fẹ́ lọ síbi ayẹyẹ ìgboyè ọmọ rẹ̀ ní Máńṣẹ́sítà. Físà àbẹ̀wò oṣù mẹ́fà ló nílò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025 ni wọ́n gbé owó rẹ̀ láti pọ́n-ùn 115 sí 127. Bí wọn ò bá fún un ní físà, owó yẹn ti lọ nìyẹn.

Bí wọn ò bá tíì fi físà du màmá yìí rí, tó ní ṣọ́ọ̀bù, tí owó sì ń wọ àkáǹtì rẹ̀ déédéé, ó lè kún fọ́ọ̀mù náà fúnra rẹ̀ lórí gov.uk. Lọ́yà kò ní ẹnu ọ̀nà mìíràn tó máa gbà wọlé fún un.

Àkáǹtì báǹkì ló sábà máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Ká ní náírà 200,000 ló ń wọlé lóṣù, tí mílíọ̀nù márùn-ún wá balẹ̀ gẹ̀rẹ́ lọ́sẹ̀ tó fẹ́ kọ̀wé. Òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìwé wò lè má pè é béèrè ohunkóhun, kó kàn kọ̀. Bó bá jẹ́ ọmọ ló fi owó náà ránṣẹ́, kí ọmọ kọ lẹ́tà, kó so ìwé àkáǹtì tirẹ̀ náà mọ́ ọn. Ó parí.

Ṣùgbọ́n agẹ́ǹtì àdúgbò máa ní òun á "tún àkáǹtì ṣe". Ẹ sá! Bí ìwé ayédèrú bá wà níbẹ̀, wọ́n lè kọ̀ yín kódà bí ẹ ò bá mọ̀ sí i. Bí wọ́n bá sì ní ẹ mọ̀ọ́mọ̀ tan àwọn jẹ ni, ọdún mẹ́wàá lẹ lè fi wà níta.

Ní Ìlú Ọba, òfin ọdún 1999 kò gba ẹni tí kò ní àṣẹ láyè láti máa gbani nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ìmígíréṣọ̀n. Àjọ tó ń fún àwọn olùdámọ̀ràn láṣẹ ni Immigration Advice Authority, tí wọ́n ń pè ní OISC títí di oṣù kìíní ọdún 2025. Orúkọ wọn wà lórí gov.uk. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kò dé ọ̀dọ̀ agẹ́ǹtì tó jókòó sí Dùgbẹ̀, nítorí náà ẹ kò ní rí ibẹ̀ fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Olùdámọ̀ràn ìpele kìíní tó fún ìwé tí kò lọ́jú pọ̀. Bí ẹ bá ti duró kọjá ọjọ́ níbẹ̀ rí, tàbí wọ́n ti pè yín ní onírọ́, ẹni ìpele kejì tàbí ìkẹta ni kẹ́ ẹ wá. Àwọn kan nínú wọn ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ àánú, wọn kì í gbowó.

Ìgbà wo wá ni lọ́yà? Físà àbẹ̀wò lásán kò ní àpíìlì. Bí ẹ bá gbà pé wọ́n ṣẹ̀ sí òfin, ilé ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Upper Tribunal ló kù, láàárín oṣù mẹ́ta péré, owó lọ́yà sì lè lé ní ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn dáadáa. Ní tèmi, bó bá jẹ́ ìwé kan ló kù díẹ̀ káàtó, ó sàn kẹ́ ẹ tún un ṣe, kẹ́ ẹ san owó físà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ bá lò, ẹ rí i pé íméèlì tiyín ló wà lórí fọ́ọ̀mù náà, kẹ́ ẹ sì kà á tán kó tó lọ.