Fọ́ǹtì fún Ìwé Ìpè Ìgbéyàwó ní Gbaji

Ìwé ìpè ìgbéyàwó tó bá kúrò ní Gbaji lè dé Àgbádárìgì, kó kọjá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, kó sì dé ọwọ́ àwọn ẹbí ní Àjàṣẹ́. Nígbà mìíràn, Yorùbá àti Ògù ló máa jọ wà lórí rẹ̀. Ibi tí fọ́ǹtì ti ń fa wàhálà nìyẹn, torí pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn fọ́ǹtì ológe tó jọ ìkọ̀wé ọwọ́.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ kan péré: Ṣọ́ọ̀ṣì. Kọ̀ǹpútà kò ní “ọ́” gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo. Ṣe ló ń gbé àmì ohùn lé orí “ọ”. Bí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì kò bá fi ibi tí àmì náà máa jókòó hàn án, àmì yóò yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó gun lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Bí fọ́ǹtì kò bá sì ní “ṣ” rárá, kọ̀ǹpútà á yá a lára fọ́ǹtì mìíràn. Ẹ óò rí lẹ́tà kan tó dúró ṣánṣán láàárín àwọn tó dagun, tàbí àpótí òfìfo. Ògù tí wọ́n ń kọ ní Bẹ̀nẹ̀ tún ń lo ɔ, ɛ àti ɖ.

Nítorí náà, kí fọ́ǹtì kan tó wọ̀ yín lójú, ẹ tẹ Ṣọ́ọ̀ṣì, Fọlákẹ́, Ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ɔ ɛ ɖ sínú rẹ̀. Gentium àti Charis, tí àjọ SIL ń fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́, gbé gbogbo wọn. Lójú tèmi, Gentium tó fún gbogbo ìwé ìpè náà: kí orúkọ tọkọtaya dagun, kó sì tóbi, kí ìyókù dúró ṣánṣán.

Bí ìyàwó bá ta kú pé fọ́ǹtì ológe oníkókó lòun fẹ́, ẹ fi í mọ sórí orúkọ méjèèjì nìkan, ní nǹkan bí 30 póìǹtì. Ẹ má kọ orúkọ náà ní lẹ́tà ńlá látòkè délẹ̀, kókó wọn á lọ́ mọ́ra wọn débi pé kò ní ṣeé kà. Bí àmì abẹ́ kò bá sí nínú fọ́ǹtì yẹn, ẹ má jẹ́ kí Fọlákẹ́ di Folake. Atẹ̀wé lè sọ orúkọ náà di àwòrán nínú CorelDRAW, kó sì fọwọ́ ya àmì rẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìyẹn, kò ṣeé tẹ̀ ṣe mọ́, torí náà ẹ yẹ orúkọ wò dáadáa ṣáájú.

Ọjọ́, aago àti ibi ayẹyẹ kò gbọdọ̀ kéré sí póìǹtì 11. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ ìwé náà ní àwọ̀ wúrà, ẹ yan lẹ́tà tó sanra díẹ̀, torí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń pòórá nínú dídán rẹ̀.

Ojú kọ̀ǹpútà ń tanni, ó ń sọ lẹ́tà kékeré di ńlá. Ẹ tẹ ẹ̀dà kan jáde ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, 100%, kí ẹ gbé e fún àgbàlagbà kan nírọ̀lẹ́, kó ka aago àti orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì sókè. Ọ̀rọ̀ tó bá dá a dúró ni kí ẹ mú tóbi sí i kí ẹ tó tẹ ìyókù.