Nígbà tí Ínfọ́ìsì bá ju LPO lọ

Ínfọ́ìsì kan wọlé sínú ímeèlì bọ́sà ilé-ìwé kan n'Íbàdàn. Owó pépà ìdánwò ni. Oníṣòwò tó ta pépà náà láti Èkó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ₦3,203,500 ni kí wọ́n san. Bọ́sà ṣí fáìlì, ó yọ LPO jáde, ìyẹn ìwé tí ilé-ìwé fi pàṣẹ ọjà, ó sì rí i pé ₦3,096,000 ló wà níbẹ̀. ₦107,500 ló fi lé. Àpẹẹrẹ lásán ni mo fi ilé-ìwé yìí ṣe o, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó sídìí àkáǹtì rí yóò mọ̀ pé mi ò parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe nírú àsìkò yìí kò dára. Àwọn kan á sanwó náà bó ṣe wà, torí ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀, wọn ò sì fẹ́ wàhálà. Àwọn mìíràn á gbé fóònù, wọ́n á ní oníṣòwò fẹ́ rẹ́ àwọn jẹ. Èyí tó tiẹ̀ ń bí mi nínú jù ni ti àwọn tó máa san iye tó wà nínú LPO wọ́ọ́rọ́wọ́, tí wọn ò ní sọ nǹkan kan. Lójú tiwọn, ọgbọ́n ni. Àmọ́ nínú ìwé oníṣòwò, gbèsè ₦107,500 ṣì wà lọ́rùn ilé-ìwé. Sáà tó ń bọ̀ ni yóò jáde, nígbà tí oníṣòwò bá ní òun ò kó ọjà mìíràn wá àfi tí wọ́n bá san ti àná, tí kò sì sẹ́ni tó rántí ìdí ọ̀rọ̀ mọ́.

Kí bọ́sà tó kọ lẹ́tà kankan, ó ní láti mọ ibi tí owó náà ti yapa. Ẹ tẹ́ ìwé méjèèjì síra, kí ẹ máa kà wọ́n ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má tíì wo àròpọ̀ ìsàlẹ̀. Nínú LPO, páálí pépà 120 ni, ₦24,000 fún páálí kan, ó di ₦2,880,000. Owó-orí VAT, tó jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní Nàìjíríà láti ọdún 2020, jẹ́ ₦216,000. Nínú ínfọ́ìsì, páálí 120 náà ni, ṣùgbọ́n ₦24,500 ni wọ́n ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sí, ó di ₦2,940,000. Ìlà kan tún wà lábẹ́ rẹ̀ fún owó ọkọ̀, ₦40,000. VAT lórí gbogbo rẹ̀ wá di ₦223,500. Ohun tó dà bí ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ti di mẹ́ta: ₦60,000 láti ara iye páálí, ₦40,000 owó ọkọ̀, àti ₦7,500 VAT tó gorí méjèèjì.

Ọ̀nà ẹ̀bùrú kan wà tí àwọn àgbà àkáǹtì máa ń lò tí wọn ò bá tíì ráyè ka ìlà. Wọ́n á fi 1.075 pín owó tó lé. Ẹ fi pín ₦107,500, ẹ ó rí ₦100,000 géérégé. Bí iye tó jáde bá gún báyìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nǹkan kan ló wọ inú ínfọ́ìsì tí wọ́n sì ka VAT lé e. Bí owó tó lé bá jẹ́ ₦216,000 gan-an ńkọ́? VAT fúnra rẹ̀ ni ìjà nìyẹn: ẹnì kan gbà pé ó ti wà nínú iye ọjà, ẹnì kejì gbà pé kò sí níbẹ̀. Bí ìyàtọ̀ náà bá sì ṣeé fi mẹ́sàn-án pín láìṣẹ́kù, kí ẹ fura pé akọ̀wé ló gbé nọ́ńbà méjì sípò ara wọn, bíi kó tẹ 25,400 níbi tí 24,500 yẹ kó wà. Ẹ̀rí kọ́ ni èyí o. Ó kàn ń tọ́ka sí ibi tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò ni.

Bọ́sà tó bá dúró níbi ìwé méjì yìí ṣì máa pàdánù. Ìwé kẹta wà ní sítọ̀. Bàbá tó ń tọ́jú ẹrù ló gba pépà wọlé, ó sì kọ ohun tó rí sórí wèébìlì: páálí 116 ni òun gbà, mẹ́rin ti rẹ nínú òjò, dírẹ́bà sì ti kó wọn padà. Dírẹ́bà fọwọ́ sí i. Ẹni tó ń tẹ ínfọ́ìsì l'Ékòó kò gbọ́ sí èyí, torí LPO ló ń wò tẹ. Ká ní ₦107,500 nìkan ni bọ́sà jà fún, yóò borí, inú rẹ̀ yóò sì dùn, àmọ́ yóò ti sanwó páálí mẹ́rin tí kò sí nílé.

Ó wá kan ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kì í fẹ́ bi ara wọn: ta ló ṣe é? Bọ́sà padà sí kótéṣọ̀n tí oníṣòwò kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Ó bá ₦24,000 níbẹ̀ fún páálí kan, ó sì tún bá owó ọkọ̀ ₦40,000 dé Ìbàdàn nísàlẹ̀ pátápátá, nínú lẹ́tà wínníwínní. Ẹni tó tẹ LPO ní ilé-ìwé ló fò ó. Ilé-ìwé ló jẹ̀bi owó ọkọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ti ₦500 tó gorí páálí, oníṣòwò ló ni ín. Ó lè jẹ́ òótọ́ pé pépà ti wọ́n sí i lójà. Owó nǹkan a máa gòkè láàárọ̀ ọjọ́ kan. Àmọ́ kó tó di ẹrù ni àyè wà láti sọ ọ́. Ẹni tó gba LPO ₦24,000, tó di ọjà sọ́kọ̀ láìsọ̀rọ̀, ti fara mọ́ ₦24,000.

Iye tó tọ́ ti wá hàn. Páálí 116 ní ₦24,000 jẹ́ ₦2,784,000. Tí a bá fi owó ọkọ̀ kún un, ó di ₦2,824,000. VAT rẹ̀ jẹ́ ₦211,800. Àpapọ̀ jẹ́ ₦3,035,800. Ẹ rí i pé kì í ṣe iye LPO, kì í sì í ṣe ti ínfọ́ìsì. Ìgbà yìí gan-an ni lẹ́tà tó yẹ, orí ímeèlì tí ínfọ́ìsì bá wá náà sì ni kí a ti dáhùn, kí ọ̀rọ̀ má baà fọ́nká:

"LPO 0417 àti ínfọ́ìsì 2291: owó kò bára mu.

Ẹ kú iṣẹ́ o. A ti gba ínfọ́ìsì 2291, ₦3,203,500. Ní ti owó ọkọ̀ ₦40,000, àwa la gbàgbé rẹ̀ nínú LPO wa. A ti ṣàtúnṣe, ẹ̀dà rẹ̀ wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ohun méjì ló kù tí a fẹ́ kí ẹ bá wa wò. ₦24,000 ni páálí kan nínú kótéṣọ̀n yín àti nínú LPO, ṣùgbọ́n ₦24,500 ló wà nínú ínfọ́ìsì. Páálí 116 la sì gbà. Mẹ́rin bá dírẹ́bà yín padà nítorí omi, wèébìlì tó fọwọ́ sí nìyí. Pẹ̀lú èyí, ₦3,035,800 ló yẹ ká san. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi kírẹ́dìtì nóòtì ₦167,700 ránṣẹ́ lórí ínfọ́ìsì 2291. Àkáǹtì yín tó wà lọ́wọ́ wa tẹ́lẹ̀ la máa san án sí. Ẹ ṣeun."

Kò sí ẹ̀sùn kankan nínú lẹ́tà yẹn. Ó kọ́kọ́ gba ẹ̀bi tirẹ̀, ọwọ́ ẹni tó ń kà á á sì rọ̀. Ó dárúkọ iye tó ń fẹ́, kò ní kí oníṣòwò "bá òun yẹ̀ ẹ́ wò" lásán, torí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí lẹ́tà pààrà Ìbàdàn sí Èkó lọ́sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀rí sì bá a lọ.

Kírẹ́dìtì nóòtì tó béèrè fún ni ìwé tí oníṣòwò fi ń dín owó ínfọ́ìsì tó ti jáde kù. Ó dára ju kí ó tẹ ínfọ́ìsì mìíràn lọ, nítorí bí méjì bá wà nínú fáìlì, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan san èkíní, kí ẹlòmíràn sì san èkejì lóṣù tó ń bọ̀. Bí oníṣòwò bá kọ̀ àfi kó tẹ tuntun, kí ó ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ó sọ pé òun ló rọ́pò 2291, kí bọ́sà sì kọ "a ti fagi lé e" gàdàgbà sórí ti àtijọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi bírò tún ínfọ́ìsì oníṣòwò ṣe. Ìwé onílé ni. LPO tí ilé-ìwé tún ṣe náà gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe é gan-an lórí, kí ẹni tó fọwọ́ sí ti àkọ́kọ́ sì fọwọ́ sí i. Tí wọ́n bá dá ọjọ́ rẹ̀ padà sẹ́yìn kó lè bá ínfọ́ìsì mu, ọ̀ràn tí ọ̀dítọ̀ ń wá kiri nìyẹn.

Gbólóhùn àkáǹtì tó parí lẹ́tà náà nídìí. Àkókò tí a ń retí ínfọ́ìsì tí wọ́n tún ṣe ni olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń wọlé, torí kò ní ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ọmọ Nàìjíríà kan, Obinwanne Okeke, gba ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2021. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ inú ímeèlì ọ̀gá tó ń mójú tó owó ní ilé-iṣẹ́ Unatrac, wọ́n ń ti ibẹ̀ fi ínfọ́ìsì èké ránṣẹ́ sí àwọn tó ń sanwó, owó tó sì lọ báyìí tó mílíọ̀nù 11 dọ́là. Nítorí náà, bí kírẹ́dìtì nóòtì bá dé pẹ̀lú nọ́ńbà báńkì tuntun, kí bọ́sà pe oníṣòwò lórí nọ́ńbà tó wà nínú fáìlì àtijọ́. Kó má pe èyí tó wà nínú ímeèlì tuntun náà, torí olè fúnra rẹ̀ ló lè gbé e.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti yanjú. Bí ilé-ìwé bá wà lára àwọn tó ní láti yọ owó-orí oníṣòwò sílẹ̀ fún ìjọba kí wọ́n tó sanwó, iye tó máa wọ báńkì yóò kéré sí ₦3,035,800. Kí bọ́sà kọ ìyẹn sínú ímeèlì lọ́jọ́ tó bá sanwó, kí ó sì fi ìwé ẹ̀rí owó-orí náà ránṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oníṣòwò á tún rò pé gbèsè ṣẹ́kù.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń tẹ LPO, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka kótéṣọ̀n dé ìlà tó kẹ́yìn, kí ẹ kọ owó ọkọ̀ síbẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ kedere bóyá VAT wà nínú iye ọjà tàbí kò sí.