Ọjọ́ Wo Ló Yẹ Kí Kọ̀ǹpútà Ọ́fíìsì Gba Àtúnṣe?

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2021, iléeṣẹ́ Microsoft gbé àtúnṣe oṣù náà jáde fún Windows 10. Kò pẹ́ rárá tí ariwo fi sọ láwọn ọ́fíìsì kan. Bí èèyàn bá ní kí kọ̀ǹpútà òun tẹ ìwé jáde báyìí, ojú ẹ̀rọ náà á di búlúù, gbogbo iṣẹ́ tó wà lórí rẹ̀ á sì dúró. Àtúnṣe kan tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ KB5000802 ni kò bá irú àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ṣe. Ọjọ́ 15 oṣù yẹn ni Microsoft tó gbé òmíràn jáde láti fi tún èyí tó bàjẹ́ ṣe.

Ní ọdún mẹ́rin ṣáájú, òdìkejì ìyà yìí ló jẹ àwọn mìíràn. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2017 ni àtúnṣe MS17-010 jáde, láti dí ihò kan nínú ọ̀nà tí àwọn kọ̀ǹpútà Windows ń gbà pín fáìlì láàárín ara wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò kọbi ara sí i. Nígbà tó di ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, kòkòrò WannaCry gba ihò yẹn wọlé, ó ti fáìlì olóhun-ún pa, ó sì ní kí wọ́n wá fi owó gbà á. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọsibítù ìjọba kan dá aláìsàn padà sílé nítorí rẹ̀.

Ẹni tó yára jù fara gbá, ẹni tó lọ́ra jù náà fara gbá. Ọ́fíìsì kékeré tí òṣìṣẹ́ ń pín kọ̀ǹpútà lò, tí kò sì ní ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kìkì títọ́jú ẹ̀rọ, lè wá ọjọ́ kan sí àárín méjèèjì. Kò ná an lówó kankan. Kàlẹ́ńdà àti ìṣètò ló gbà.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ ká fi ọ́fíìsì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan n'Íbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Kọ̀ǹpútà márùn-ún ló wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án ló ń lò wọ́n. Aago 8 àárọ̀ ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, aago 4 ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tì í, láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, ìgbà wo ni wọn kò lè gbà kí iṣẹ́ dúró rárá? Wọ́n á sọ fún yín pé láti ọjọ́ 25 títí di òpin oṣù ni, torí ìgbà yẹn ni owó tí wọ́n yọ nínú owó oṣù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń wọlé, ìgbà yẹn náà sì ni wọ́n ń san owó ẹ̀yáwó. Wọ́n á fi òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kún un, torí èrò tó máa ń pọ̀.

Ìbéèrè kejì ni pé, ìgbà wo ni àtúnṣe ń dé? Láti ọdún 2003 ni Microsoft ti ń gbé àtúnṣe ààbò rẹ̀ jáde ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù. Ní Nàìjíríà, aago 6 tàbí aago 7 ìrọ̀lẹ́ ló ń bọ́ sí, bí Amẹ́ríkà bá ṣe yí aago wọn sí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì kò sì lè ṣáájú ọjọ́ 8, kò lè kọjá ọjọ́ 14. Èyí ló jẹ́ kí ètò tó tẹ̀lé e yìí ṣeé ṣe.

Ní ọjọ́rú, ọjọ́ kejì tí àtúnṣe dé, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni kó gbà á. Àwọn mẹ́rin tó kù á dúró di Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ bá ṣírò rẹ̀, ẹ ó rí i pé Ọjọ́bọ̀ yẹn á máa bọ́ sí àárín ọjọ́ 17 sí ọjọ́ 23 nígbà gbogbo. Bí iná bá lọ tàbí tí nǹkan mìíràn bá dí wọn lọ́wọ́, ọjọ́ Ẹtì ṣì wà nílẹ̀, kò sì ní kọjá ọjọ́ 24. Owó oṣù kò ní bá wọn lẹ́nu rẹ̀ láé. Ìdí nìyí tí a kò fi mú ọjọ́ Ẹtì fúnra rẹ̀: bí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, tí èrò ń pọ̀, ló kù láti tún un ṣe.

Ẹ fi ètò yìí wo ìtàn méjèèjì tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ní 2021, ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ni Ọjọ́bọ̀ wọn ì bá bọ́ sí, ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí Microsoft ti tún ìbàjẹ́ náà ṣe. Kọ̀ǹpútà kan péré ni ojú rẹ̀ ì bá di búlúù. Ní 2017, ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ni wọn ì bá ti parí iṣẹ́ lórí gbogbo ẹ̀rọ, ó sì kù ju ọ̀sẹ̀ méje lọ kí WannaCry tó dé.

Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ yan kọ̀ǹpútà tó máa ṣáájú. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ti kaṣíà. Kò sì gbọdọ̀ jẹ́ èyí tó wà ní kọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í tàn, torí ẹ̀rọ tí a kò lò kò lè sọ ohunkóhun fún wa. Ẹ mú èyí tó ń ṣí ìwé àkọsílẹ̀ owó kan náà, tó ń lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù, ṣùgbọ́n tí ẹni tó ń lò ó lè sún sí ìjókòó mìíràn bó bá di dandan. Ẹ kọ iye ìṣẹ́jú tó lò sílẹ̀, láti ìgbà tẹ́ ẹ ti tẹ `Update and restart` títí ó fi gbà yín wọlé padà. Bó bá jẹ́ ogún ìṣẹ́jú, ẹ fún àwọn yòókù ní ogójì. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ń lo háàdì díìsìkì onírin tó ń yí lè pẹ́ ju tuntun lọ ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta.

Àwọn mẹ́rin tó ń dúró kò ní mọ̀ pé àwọn ń dúró bí a kò bá sọ fún wọn. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ wọ `Settings`, lẹ́yìn náà `Windows Update`, kẹ́ ẹ yan `Pause for 2 weeks` kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni Windows 11 gbà fún wa jù. Nínú `Advanced options`, ẹ fi `Active hours` sí aago 7 àárọ̀ sí aago 7 alẹ́, kí kọ̀ǹpútà má baà pa ara rẹ̀ kó sì tún ara rẹ̀ tàn níwájú oníbàárà. Ní abẹ́ `Delivery Optimization`, ẹ jẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ inú ọ́fíìsì máa gba àtúnṣe lọ́wọ́ ara wọn. Àtúnṣe oṣù kan lè ju jígábáìtì kan lọ, dátà kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ó wá di Ọjọ́bọ̀. Ní aago 11 àárọ̀, ẹni tó ń bójú tó o á tẹ `Resume updates` lórí ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àtúnṣe á máa wọlé díẹ̀díẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ. Ó yẹ ká mọ̀ pé gbígbà á wọlé kọ́ ló ń dá iṣẹ́ dúró. Pípa ẹ̀rọ àti títún un tàn ni. Nítorí náà, ìyẹn nìkan ni a ń wá àyè fún lẹ́yìn aago 4.

Ní aago 4, wọ́n á wo iná. Bí iná ìjọba bá ti lọ, tí ínfátà náà kò sì kún tó ìdajì, kí wọ́n sún un di ọjọ́ Ẹtì. Iná tó bá lọ láàárín àtúnṣe lè mú kí kọ̀ǹpútà má tàn mọ́. Bí iná bá wà, kí wọ́n da ìwé àkọsílẹ̀ owó kọ sórí háàdì díìsìkì mìíràn, kí wọ́n sì yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀rọ.

Níbi tí èèyàn púpọ̀ ti ń lo kọ̀ǹpútà kan, ewu mìíràn wà. Ẹnìkan lè ti ojú ẹ̀rọ pa kó sì lọ sílé, kí iṣẹ́ tí kò tíì fi pamọ́ ṣì wà ní ṣíṣí lẹ́yìn orúkọ ẹlòmíràn tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá tún ẹ̀rọ tàn, iṣẹ́ yẹn ti lọ nìyẹn. Ẹ tẹ `Ctrl+Shift+Esc`, kẹ́ ẹ wo abẹ́ `Users`. Ẹni tẹ́ ẹ bá rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, ẹ pè é lórí fóònù kẹ́ ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Ẹ̀rọ méjì ni kó kọ́kọ́ lọ ní aago 4 kọjá ogún ìṣẹ́jú. Bí wọ́n bá ti dé láìléwu, méjì tó kù á tẹ̀ lé wọn. Báyìí, kò ní sí ìgbà kankan tí gbogbo kọ̀ǹpútà á kú lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọ ẹgbẹ́ tó bá sì sáré dé á ṣì rí ẹni dá a lóhùn. Ẹ má rò pé ẹ̀rọ tó tàn ti parí iṣẹ́. Ẹ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ owó, ẹ tẹ rìsíìtì kan jáde, ẹ mú fáìlì kan láti inú fódà tí gbogbo yín jọ ń lò. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ àṣẹ yìí kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà tó bá jáde wé ti ẹ̀rọ àkọ́kọ́:

```
winver
```

Ìdajì àkókò tí a yà sọ́tọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìpadàsẹ́yìn, torí yíyọ àtúnṣe kúrò lè pẹ́ tó bí ó ṣe pẹ́ kó tó wọlé. Ní ọ́fíìsì yìí, aago 5 ààbọ̀ ni gbèdéke. Bí ẹ̀rọ kan kò bá tíì ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà yẹn, kí wọ́n dẹ́kun àròjinlẹ̀, kí wọ́n yọ àtúnṣe náà ní `Update history`, lábẹ́ `Uninstall updates`. Bí ó bá kọ̀ láti tàn lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, Windows fúnra rẹ̀ á ṣí ojú ìwé ìtúnṣe. `Uninstall Updates` wà níbẹ̀ náà, nínú `Troubleshoot`, lábẹ́ `Advanced options`. Àwọn ẹ̀rọ kan lè béèrè nọ́ńbà BitLocker, tó jẹ́ 48, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, kó sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́ ṣáájú ọjọ́ náà. Bí nọ́ńbà tó wà lójú ẹ̀rọ bá dúró sójú kan fún ìgbà pípẹ́, tí iná díìsìkì ṣì ń ṣẹ́jú, ẹ má ṣe pa á. Iṣẹ́ ló ń ṣe.

Ìgbà kan ni a kì í dúró de Ọjọ́bọ̀. Bí Microsoft bá kéde pé àwọn ọ̀daràn ti ń gba ihò kan wọlé, tí ihò náà sì wà nínú ohun tí ọ́fíìsì ń lò, ẹ mú kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn yòókù ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀la. Ètò kan náà ni, ọjọ́ ni a fún pọ̀. Kọ̀ǹpútà tó ṣì ń lo Windows 10 sì nílò ìpinnu mìíràn: láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ti dẹ́kun àtúnṣe ọ̀fẹ́ tó máa ń ṣe fún un lóṣooṣù.

Nítorí pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì kì í yẹ̀, Ọjọ́bọ̀ méjìlá tí ọdún kan ní ṣeé kọ sílẹ̀ lónìí. Ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìjókòó kaṣíà, kẹ́ ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni iṣẹ́ oṣù kọ̀ọ̀kan síwájú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pé lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, aago 4 gééré ni ìwé máa pa dé.